Títo àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ní kókó-kókó, kì í ṣe ní òǹkọ̀wé-òǹkọ̀wé: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì saikọ́lọ́jì

Orí kejì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ saikọ́lọ́jì ti máa ń há. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù nípa rẹ̀ nìyí. Kí ọ̀rọ̀ má baà fò lókè, àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: pírọ́jẹ́ẹ̀tì tó ń béèrè pé, bí ìwà ọ̀daràn bá ṣẹlẹ̀ lójú ẹnì kan tí ẹ̀rù sì bà á gan-an, ṣé ohun tó rí á dúró lọ́kàn rẹ̀ ni àbí yóò dàrú?

Kí ló burú nínú kí n máa kọ òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan sí ìpínrọ̀ tirẹ̀?

Ẹ wo bó ṣe sábà máa ń rí:

> Loftus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1987) ṣe ìwádìí lórí ohun ìjà àti ìrántí ẹlẹ́rìí. Wọ́n rí i pé ìbọn máa ń gba ojú ẹni. Pickel (1998) náà ṣe ìwádìí lórí ohun ìjà àti ìrántí ẹlẹ́rìí. Ó rí i pé ohun tó ṣàjèjì máa ń ba ìrántí jẹ́. Morgan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2004) ṣe ìwádìí láàárín àwọn ológun…

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kà á tán kò lè sọ bóyá Pickel gbè sẹ́yìn Loftus ni tàbí ó ta kò ó. Bẹ́ẹ̀, àtakò gidi ló wà láàárín wọn, àtakò yẹn gan-an ló sì yẹ kí orí kejì dá lé. Ẹni tó kọ ọ́ báyìí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé láti bá a ṣe. Kò sí alátẹ tí í kó ata àti ọṣẹ jọ sójú kan nítorí pé ọkọ̀ kan náà ló gbé wọn wá sọ́jà. Ohun tí ẹni tó ń rà wá wá ló fi ń to àtẹ rẹ̀. Ohun tí òǹkàwé orí kejì wá wá ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín, kì í ṣe ìtàn ẹni tó ṣe ìwádìí.

Àwọn iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ?

Mẹ́fà. Gbogbo wọn ló gbajúmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, ẹ ó sì rí i bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn láṣọ ya.

Yuille àti Cutshall (1986) lọ bá àwọn tí ìbọn yíyìn ṣojú wọn ní Kánádà. Olè kan ló ja ilé ìtajà ìbọn lólè, òun àti onílé ìtajà sì yìnbọn fún ara wọn ní ìta gbangba. Olè náà kú, onílé ìtajà fara gbọgbẹ́ gan-an. Nínú ẹlẹ́rìí 21 tí ọlọ́pàá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, 13 gbà láti bá àwọn olùwádìí sọ̀rọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Ìrántí wọn ṣì péye. Àwọn tó sọ pé ẹ̀rù bà wọ́n jù kò ṣe dáadáa kéré sí àwọn yòókù, kódà wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ.

Loftus, Loftus àti Messo (1987) fi àwòrán oníbàárà kan ní ilé oúnjẹ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Fún àwọn kan, ìbọn ló nà sí akápò. Fún àwọn mìíràn, ìwé sọ̀wédowó ló mú fún un. Ẹ̀rọ tó ń tọ ipa ojú fi hàn pé ojú máa ń padà sórí ìbọn léraléra, ó sì máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju ti sọ̀wédowó lọ.

Pickel (1998) ya fídíò ọkùnrin kan tó wọ ilé ìṣerunlóge. Ohun tó mú dání ń yí padà láti fídíò kan sí èkejì: nígbà mìíràn ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, nígbà mìíràn síṣọ́ọ̀sì ni, tàbí ìbọn, tàbí pọ́ọ̀sì, tàbí odindi adìyẹ tútù tí wọn kò tíì sè. Ìbọn àti síṣọ́ọ̀sì lè pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n síṣọ́ọ̀sì kì í ṣe àjèjì nílé ìṣerunlóge. Adìyẹ tútù kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, àmọ́ kí ló ń wá níbẹ̀? Ìjọlójú ohun náà ló ba àpèjúwe ọkùnrin náà jẹ́. Ewu tó wà nínú rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Morgan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2004) ṣe tiwọn láàárín ológun tó lé ní 500, ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ bí wọn ó ṣe máa fara dà á bí ọ̀tá bá mú wọn. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò bí ọ̀tá ṣe máa ń ṣe, lọ́nà líle koko àti lọ́nà pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan, níbi tí wọ́n ti kó fọ́tò síwájú wọn, nǹkan bí 34 nínú 100 ló dá ẹni tó le mọ́ wọn mọ̀. 76 nínú 100 ló dá ẹni pẹ̀lẹ́ mọ̀.

Deffenbacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2004) kó èsì ìdánwò 27 lórí dídá ènìyàn mọ̀ àti 36 lórí rírántí ohun tó ṣẹlẹ̀ pọ̀, wọ́n sì ṣírò wọn papọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀rù tó pọ̀ ń ba méjèèjì jẹ́.

Valentine àti Mesout (2009) lo ilé ẹ̀rù kan tí àwọn ènìyàn ń sanwó wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí òṣèré kan ti ń yọ sí wọn lójijì nínú òkùnkùn. Lára àwọn tí ẹ̀rù bà jù, 17 nínú 100 ló dá òṣèré náà mọ̀ lẹ́yìn náà. Lára àwọn tí ara wọn balẹ̀ díẹ̀, 75 nínú 100 ni.

Báwo ni mo ṣe máa rí kókó nínú wọn?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ẹ ṣí àtẹ kan nínú Excel tàbí kí ẹ fa ìlà sínú ìwé. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gba ìlà kan. Ṣùgbọ́n àwọn òpó tó dúró lókè ni kí ẹ rò dáadáa, nítorí inú wọn ni kókó ti máa jáde. Bí òpó yín bá jẹ́ «òǹkọ̀wé, ọdún, ète, èsì», ohun tí ẹ kó sínú rẹ̀ náà lẹ ó kó jáde. Fún pírọ́jẹ́ẹ̀tì yìí, òpó mi á jẹ́ ìbéèrè: kí ló dá ẹ̀rù sílẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ẹ̀rù bà wọ́n? Kí ni wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí ṣe, kó dá ojú mọ̀ ni àbí kó ròyìn? Ṣé nǹkan wà lọ́wọ́ ẹni náà? Kí ni wọ́n rí?

Ẹ mú ìlà Pickel. Kí ló dá ẹ̀rù sílẹ̀? Fídíò ni wọ́n wò, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù má tilẹ̀ ba ẹnikẹ́ni. Kí ni wọ́n ní kí ẹlẹ́rìí ṣe? Kó ṣàpèjúwe ọkùnrin náà. Nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń yí padà. Nígbà tí ẹ bá kọ ìlà Valentine àti Mesout sí abẹ́ rẹ̀, ojú yín á là: ẹ̀rù gidi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n ń wò. Iṣẹ́ méjì tí a lè rò pé wọ́n jọ ń sọ nǹkan kan náà kò sọ ọ́ rárá.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sílẹ̀, kì í ṣe láti òsì lọ sọ́tùn-ún. Ibi tí ìdáhùn ti jọra tàbí tí wọ́n ti ń bá ara wọn jà ni kókó wà.

Ṣé «ẹ̀rù» kì í ṣe kókó fúnra rẹ̀? Àti «ohun ìjà»?

Rárá. Orúkọ àpótí nìyẹn. «Ohun ìjà» kò sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni lè gbà tàbí kọ̀. Ẹ fi gbólóhùn odidi dán kókó yín wò: bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ kan lè gbè sẹ́yìn tí òmíràn sì lè ta kò, kò tíì di kókó. Nínú àtẹ wa, mẹ́ta ló jáde:

Èkíní, ẹ̀rù tó pọ̀ ń mú kó ṣòro láti dá ojú ẹni tó fà á mọ̀. Ìkejì, ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀daràn ń gba ojú kúrò lára rẹ̀, àmọ́ a kò tíì fẹnu kò lórí bóyá ewu rẹ̀ ni tàbí ìjọlójú rẹ̀. Ìkẹta, ohun tí a rí nínú ìdánwò kò bá ohun tí a rí lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ gidi mu délẹ̀délẹ̀.

Àkọlé inú pírọ́jẹ́ẹ̀tì lè kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn náà ni kí ó bẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan.

Kókó mélòó ló tó?

Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún pírọ́jẹ́ẹ̀tì oyè àkọ́kọ́. Bí kókó kan bá ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lábẹ́, òǹkọ̀wé lẹ tún fi pamọ́ sínú àkọlé yẹn.

Bí iṣẹ́ kan bá bọ́ sábẹ́ kókó méjì ńkọ́?

Ẹ lò ó níbi méjèèjì. Ohun tó ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ jù nìyí, wọ́n sì máa ń rò pé àsọtúnsọ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ṣe é dáadáa. Ibi tí iṣẹ́ náà ti wúlò jù ni kí ẹ ti sọ bí wọ́n ṣe ṣe é: àwọn wo, ibo, kí ni wọ́n fi hàn wọ́n. Níbi kejì, ẹ mú ẹ̀ka èsì tó kan ibẹ̀ nìkan, kí ẹ sì lọ.

Deffenbacher ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Lábẹ́ kókó èkíní, ẹ sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń fò: ẹ̀rù ba ìdámọ̀ jẹ́ gan-an nígbà tí ọ̀daràn wà láàárín àwọn tí wọ́n tò síwájú ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ìpalára náà kéré nígbà tí kò sí láàárín wọn. Lábẹ́ kókó ìkẹta, gbólóhùn kan tó: ìpalára ẹ̀rù hàn jù níbi tí wọ́n ti ṣe ìwà ọ̀daràn bí eré lójú àwọn olùkópa, ju níbi tí wọ́n ti fi ọ̀nà mìíràn dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ìwé kan náà, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Yuille àti Cutshall ta ko gbogbo àwọn yòókù. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò?

Ẹ má yọ ọ́! Òun ló sọ orí yín di iṣẹ́. Ẹni tó ń kọ ní òǹkọ̀wé-òǹkọ̀wé á kọ èsì rẹ̀, á kọjá, àtakò náà á sì wà ní gbalasa láìsí ẹni tó dá a lóhùn. Ẹni tó ń kọ ní kókó-kókó kò rí ibi sá sí, nítorí inú ìpínrọ̀ kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí. Ẹ má kọ «èsì wọn kò bára mu» kí ẹ dákẹ́. Ẹ padà sínú àtẹ, kí ẹ wá òpó tí ìlà iṣẹ́ náà ti yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́, àwọn ẹlẹ́rìí ìbọn Kánádà fẹnu ara wọn sọ bí ẹ̀rù ṣe bà wọ́n tó; kò sí olùwádìí tó pín wọn sí ẹlẹ́rù àti aláìlẹ́rù. Ìkejì, àwọn tí ẹ̀rù bà jù ni àwọn tó sún mọ́ ibi tí ìbọn ti dún. Ẹni tó sún mọ́ nǹkan ló rí i kedere. A kò wá mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ràn wọ́n lọ́wọ́ ni tàbí ìsúnmọ́. Ìkẹta, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n ròyìn, nígbà tí Morgan àti Valentine ń wo dídá ojú mọ̀. Ìdí kẹta yìí nìkan kò tó láti parí ìjà náà, torí Deffenbacher rí ìpalára nínú ìròyìn pẹ̀lú. Ẹ sọ ìyẹn síta. Ìdí kejì ló lágbára jù lójú tèmi.

Ẹ tún rántí pé ènìyàn 13 ni. Èyí kò sọ iṣẹ́ náà di asán, nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ènìyàn ti kú kò ṣeé ṣe nínú yàrá ìdánwò. Àmọ́ ẹ kò lè gbé e sórí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú àkójọ ìdánwò 36.

Ẹ fi ìpínrọ̀ kan hàn mí tí ẹ kọ báyìí.

Kókó ìkejì nìyí, pẹ̀lú iṣẹ́ tó wà nínú àpẹẹrẹ tó dàrú lókè:

> Nígbà tí ọ̀daràn bá mú nǹkan dání, ẹlẹ́rìí sábà máa ń rántí ìrísí rẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó fà á ṣì ń fa àríyànjiyàn. Ojú ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ ti wá: àwọn tó wo àwòrán oníbàárà tó na ìbọn tẹjú mọ́ ìbọn náà léraléra, ó sì pẹ́ ju bí àwọn yòókù ṣe tẹjú mọ́ sọ̀wédowó lọ (Loftus, Loftus àti Messo, 1987). Èyí lè mú ká rò pé ewu ló ń fa ojú. Ṣùgbọ́n ìbọn nílé oúnjẹ léwu, ó sì tún ṣàjèjì níbẹ̀. Ìdánwò náà kò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Pickel (1998) yà wọ́n: síṣọ́ọ̀sì tó léwu àmọ́ tó bá ilé ìṣerunlóge mu kò ba àpèjúwe jẹ́, adìyẹ tútù tí kò léwu àmọ́ tí kò bá ibẹ̀ mu bà á jẹ́. Síbẹ̀, fídíò ni àwọn olùkópa rẹ̀ wò, a kò sì lè fi ìyẹn sọ pé ewu kò ní ipa lórí ẹni tí wọ́n na ìbọn sí gan-an.

Ẹ wo ibi tí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wà. Inú àkámọ́ ni ti àkọ́kọ́ wà, lẹ́yìn ohun tí wọ́n rí. Pickel nìkan ló ṣáájú gbólóhùn, nítorí pé òun ló ṣe ohun tí ìdánwò ti tẹ́lẹ̀ kò ṣe. «Síbẹ̀» àti «ṣùgbọ́n» ló ń so iṣẹ́ pọ̀. Bí ẹ bá ka ìpínrọ̀ tiyín tí «bákan náà» àti «pẹ̀lúpẹ̀lù» nìkan ló ń so ó pọ̀, ẹ ṣì ń to orúkọ ni.

Nínú kókó kọ̀ọ̀kan, ṣé kí n tẹ̀ lé ọdún?

Bí iṣẹ́ kan bá ń dáhùn èyí tó ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, bíi Pickel lẹ́yìn Loftus. Bí kò bá sí irú okùn bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹ̀rí tó lágbára jù ṣáájú.

Níbo ni tíọ́rì máa wà?

Ìlànà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ púpọ̀ ní kí tíọ́rì ní apá tirẹ̀ kí ìwádìí tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dá wà. Easterbrook (1959) sọ pé bí ẹ̀rù tàbí ìdààmú bá ṣe ń mú ara ènìyàn gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ojú rẹ̀ lè kó mọ́ra ń dín kù. Ohun tó wà láàárín gbùngbùn ló máa kù, ti ẹ̀gbẹ́ á bọ́ lọ. Bí ẹ bá ti kọ èyí, ó gbọ́dọ̀ tún yọjú nínú kókó ìkejì: tíọ́rì yẹn bá ìbọn Loftus mu, ṣùgbọ́n adìyẹ Pickel há a lọ́fun, torí adìyẹ kò mú ara ẹnikẹ́ni gbóná.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n kọ ìwádìí lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye ènìyàn àti ọ̀nà tí wọ́n fi ṣe é. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bá wọn jiyàn lórí àkọlé. Ẹ jẹ́ kí àkọlé tí wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi àkọlé kéékèèké kókó mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń fẹ́ iye ènìyàn àti ọ̀nà ìwádìí, ẹ gbé àtẹ tí ẹ ti ṣe sínú orí náà tàbí sínú àfikún ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè ti wà nínú rẹ̀. Kí ẹ sì tó kọ gbogbo orí, ẹ mú ìpínrọ̀ kan ṣoṣo lọ fún wọn: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo ṣe fẹ́ tò ó rèé, ṣé ẹ fara mọ́ ọn?» Ó rọrùn fún wọn láti gba ohun tí wọ́n rí ju ohun tí ẹ ṣàlàyé lẹ́nu.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti padà sí òǹkọ̀wé-òǹkọ̀wé láìfura?

Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan, láti ìbẹ̀rẹ̀ orí dé òpin. Bí púpọ̀ nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ènìyàn àti ọdún, ẹ ti padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìpínrọ̀ méjì tó tẹ̀ léra kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Bí orí náà bá ṣì ń kà geere bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, kò sí okùn láàárín wọn.

Báwo ni kókó ṣe ń gbé mi dé ìbéèrè ìwádìí tèmi?

Àlàfo máa ń wà níbi tí kókó méjì ti pàdé. Nínú iṣẹ́ mẹ́fà wa, àwọn tó ní ẹ̀rù gidi, ìyẹn Morgan àti Valentine, kò yí ohun tó wà lọ́wọ́ padà. Pickel tó yí ohun tó wà lọ́wọ́ padà kò ní ẹ̀rù gidi. Ó ń wu akẹ́kọ̀ọ́ láti kọ lójú ẹsẹ̀ pé «kò sí ẹni tó tíì ṣe méjèèjì pọ̀».

Ẹ kọ́kọ́ padà lọ wá. Johnson àti Scott (1976) ti jẹ́ kí àwọn olùkópa jókòó sí yàrá ìdúró, kí ọkùnrin kan sì jáde sí wọn. Fún àwọn kan, ó mú bírò dání, ọwọ́ rẹ̀ sì dọ̀tí pẹ̀lú gíríìsì. Fún àwọn mìíràn, ọ̀bẹ tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀ ló mú. 49 nínú 100 ló dá ọkùnrin oníbírò mọ̀, 33 nínú 100 ló dá ọlọ́bẹ mọ̀. Nítorí náà ẹnì kan ti ṣe é níwájú ènìyàn tó jókòó síbẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ẹlẹ́jẹ̀ ní yàrá ìdúró léwu, ó sì ṣàjèjì, bíi ìbọn Loftus. Àlàfo yín ti wá kéré sí i, ó sì ti dúró dáadáa: ṣé ìjọlójú ohun tó wà lọ́wọ́ ṣì lágbára ju ewu rẹ̀ lọ nígbà tí ẹni náà bá dúró níwájú ẹlẹ́rìí lójúkojú? Ohun tó ṣàjèjì tí kò léwu rárá lẹ máa lò, kó má baà sí ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń wo ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí máa kọ̀. Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ gbé wọ orí kẹta.